Ímeèlì ìwáṣẹ́ tó bá ìkéde mu, tí kò sì dà bí àdàkọ

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìkéde iṣẹ́ kan wà níwájú mi, ipò Akọ̀wé Àkọsílẹ̀ Ọjà ni, iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí èyí tí mo ti ń ṣe fún ọdún méjì. Mo kọ ímeèlì ìwáṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ní ìkéde náà ni mo dà kọ padà fún wọn. Mo tún un kọ lọ́nà tèmi, ó ní kò jọ pé iṣẹ́ yẹn ni mo ń wá mọ́. Ibo gan-an ni ààlà wà? Àwọn ìlà tó ṣe pàtàkì nínú ìkéde náà nìyí:

"Ẹni tí a ń wá yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lójoojúmọ́. Yóò máa darí kíka ọjà lóṣooṣù, yóò sì máa wá ìdí ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìwé àti pẹpẹ. Ó gbọ́dọ̀ mọ Excel lò dáadáa, kí ó sì ti ní ìrírí ọdún mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kíyè sí ohun kéékèèké, tó sì lè ṣiṣẹ́ láìsí pé a ń ṣọ́ ọ. Kí àwọn tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i kọ SR-14 sí àkọlé ímeèlì wọn."

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sì nìyí: "Mo jẹ́ ẹni tó ń kíyè sí ohun kéékèèké, tó sì lè ṣiṣẹ́ láìsí pé a ń ṣọ́ ọ. Mo máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lójoojúmọ́. Mo mọ Excel lò dáadáa."

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Ọdún 11 ni mo fi jókòó ti ìwé ìwáṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, kí n tó kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n yín kò ṣì í sọ nígbà méjèèjì, àṣìṣe méjèèjì kò sì jọra.

Ohun méjì ló máa ń wà nínú ìkéde iṣẹ́, àwọn tó ń kọ̀wé sì sábà máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Èkíní ni orúkọ nǹkan: orúkọ ipò náà, àkọsílẹ̀ ọjà, kíka ọjà lóṣooṣù, Excel. Èkejì ni ìwà àti ọgbọ́n tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wá: kí ó máa kíyè sí nǹkan, kí ó lè dá ṣiṣẹ́, kí ó mọ nǹkan lò dáadáa. Orúkọ nǹkan ni kí ẹ gbà lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe pè é. Ìwà ni kí ẹ má ṣe gbà lẹ́nu wọn, nítorí pé ìbéèrè ni wọ́n fi í ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi àmì ìbéèrè sí i. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ń wá ẹni tó ń kíyè sí ohun kéékèèké, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Kí lo rí rí, tí ẹlòmíràn ti fojú fò?" Bí ẹ bá dáhùn pé, "Mo jẹ́ ẹni tó ń kíyè sí ohun kéékèèké," ìbéèrè wọn lẹ dá padà fún wọn.

Ẹni tó kọ ìkéde náà mọ gbólóhùn ara rẹ̀ dunjú. Ó lè ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀gá rẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Tó bá rí i nínú ímeèlì yín, kò ní kà á mọ́, ojú rẹ̀ yóò kàn fò ó lọ sí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, ohun tó sì rí níbẹ̀ nínú tiyín ni gbólóhùn rẹ̀ mìíràn. Bí ó ṣe ka ìwé yín tán nìyẹn láìrí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Ẹ kò fi ìwé kejì hàn wá, ṣùgbọ́n mo fura pé ẹ sá fún ọ̀rọ̀ wọn débi pé ẹ sá fún orúkọ nǹkan pẹ̀lú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

---

Ọlọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀wọ́, mi ò gbà. Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ ka ìwé wọ̀nyí lóde òní, kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkéde ni ẹ̀rọ náà ń wá, èyí tí kò bá rí, ó ti jù ú nù nìyẹn. Nítorí náà, kí olùbéèrè kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìkéde náà sínú ímeèlì rẹ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Bí ó bá ń bẹ̀rù pé yóò dà bí àdàkọ, kí ó kọ wọ́n sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà funfun lórí ojú ìwé funfun. Ẹ̀rọ yóò rí i, ènìyàn kò ní rí i.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Apá kan ọ̀rọ̀ yín jẹ́ òtítọ́, apá kejì sì lè ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá máa ń kó ìwé ìwáṣẹ́ jọ sínú ẹ̀rọ tó ń tò wọ́n, tí ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ sì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan, bíi Excel, kí ó rí àwọn tó kọ ọ́. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ní kí a má ṣe yí orúkọ nǹkan padà. Ṣùgbọ́n orúkọ nǹkan ni ènìyàn máa ń tẹ̀ wá. Mi ò rí ẹni tó tẹ "ẹni tó ń kíyè sí ohun kéékèèké" wá rí, nítorí pé gbogbo ìwé ni yóò jáde. Ẹ̀wẹ̀, ìwé ìrírí iṣẹ́ tí a so mọ́ ímeèlì, tàbí fọ́ọ̀mù tí a kún, ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tú wò. Ímeèlì tí wọ́n ní kí a fi ránṣẹ́ sí àpótí kan, ènìyàn ló sábà máa ń ṣí i tí ó sì ń kà á. SR-14 tí wọ́n ní kí a kọ sí àkọlé fi hàn pé ẹnì kan fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to àpótí náà.

Ní ti lẹ́tà funfun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tú ìwé wò, àwọ̀ kì í bá a lọ, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kù, gbogbo ohun tí ẹ fi pamọ́ yóò sì tò kalẹ̀ ní dúdú níwájú ẹni tó ń kà á. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ímeèlì lásán, kí ó ṣèèṣì fa atọ́ka kọ̀ǹpútà kọjá ibẹ̀ ti tó. Èmi fúnra mi rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó gbọ́ àlàyé kankan lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

---

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo gbà yín gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ àdàkọ yìí, torí ó ti ṣe mí rí. Lẹ́tà kan ni mo rí lórí ayélujára, ó dùn ún kà, mo sì yí orúkọ àti ọjọ́ padà, mo fi ránṣẹ́. Mo gbàgbé orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí ìpínrọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi lè sùn dáadáa nígbà tí mo rí i. Ẹ má ṣe gba lẹ́tà ẹlẹ́tà o.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Àdàkọ tí olùbéèrè ń sọ kì í ṣe lẹ́tà ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ìkéde fúnra rẹ̀ ló ń sọ. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó kan òun náà: nígbà tí ẹ yí orúkọ àti ọjọ́ padà, ìyókù lẹ́tà náà lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ímeèlì tó kó ọ̀rọ̀ ìkéde jọ ṣe rí. Ẹ yọ orúkọ olùbéèrè kúrò nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi tiyín sí i, kò sí ohun tí yóò yí padà.

---

Olùbéèrè

Ẹ fura dáadáa. Nínú ìwé kejì, mo pe kíka ọjà lóṣooṣù ní "yíyẹ ẹrù wò látìgbàdégbà," mo sì pe àkọsílẹ̀ ọjà ní "ìwé ìrántí ohun tó wà nílẹ̀." Mo rò pé yíyí ọ̀rọ̀ padà ni kì í jẹ́ kó dà bí àdàkọ.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mi gan-an ni pé mi ò mọ ohun tí mo lè fi dípò àwọn gbólóhùn ìwà yẹn. Iṣẹ́ sítóò ni mo ń ṣe. Ọjà wọlé, mo kọ ọ́. Ọjà jáde, mo kọ ọ́. Kò sí ìtàn ńlá kankan nínú rẹ̀.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

"Látìgbàdégbà" tí ẹ kọ yẹn nìkan ti mú nǹkan kúrò lọ́wọ́ yín. Oṣooṣù ni wọ́n béèrè, oṣooṣù sì ni ẹ ń ṣe é. Ẹni tó kà á yóò rò pé ẹ kì í ṣe é ní àkókò kan pàtó.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Nínú àwọn ìlà tí ẹ kó wá, èyí tó gùn jù lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ti kíka ọjà, òun nìkan ni wọ́n sì fi "yóò sì máa wá ìdí" kún. Ìkéde kì í fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ lásán. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa yí iye inú ìwé padà kí ó lè bá pẹpẹ mu, láìwádìí. Mi ò lè búra, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sí wọn pé ẹ mọ ìṣòro wọn, nítorí pé àfojúdi ni yóò dà bí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ lo ọ̀rọ̀ yín tó pọ̀ jù sí. Ìgbà wo ni ìwé àti pẹpẹ kò bá ara wọn mu lọ́wọ́ yín, kí lẹ sì ṣe? Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má tí ì kọ ìwé kankan.

---

Olùbéèrè

Ó dáa. Lóṣù kan, ìwé sọ pé páálí ọṣẹ 212 ló wà, a ka pẹpẹ, 200 la bá. Ọ̀gá ní kí n kọ 200 kí a lè lọ sílé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi títí di ọjọ́ kejì. Páálí 12 kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi sábẹ́ aṣọ gbé jáde, nítorí náà mo rò pé inú ìwé ni ìṣòro wà. Mo wá ibi tí a ti kọ 12 sílẹ̀ lóṣù yẹn, mo rí i lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ọjà kan náà. Awakọ̀ mú ìwé náà wá, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tó kó ọjà wá tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ímeèlì, ẹnìkejì mi sì tún kọ ọ́ sílẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti fi nǹkan kan sínú Conditional Formatting Excel wa tó ń sọ nọ́ńbà tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì di pupa:

```
=COUNTIF(B:B,B2)>1
```

Òótọ́ ni pé ó wúlò fún wa, ṣùgbọ́n nǹkan kékeré ni.

---

Ọlọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ wò ó, kọ gbólóhùn Excel yẹn sínú ímeèlì náà gan-an. Ìyẹn ni wọ́n yóò fi mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n lò.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Rárá, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó máa kọ́kọ́ ka ímeèlì náà lè má mọ ohun tí COUNTIF ń ṣe, kò sì yẹ kí ó dúró láti rò ó. Ohun tí ó ṣe ni kí ẹ sọ.

Àbúrò, ohun tí ẹ pè ní nǹkan kékeré yẹn dáhùn ìlà mẹ́ta nínú ìkéde náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dáhùn wíwá ìdí ìyàtọ̀, nítorí pé ẹ kò yí iye padà lásán. Ó dáhùn Excel, nítorí pé ẹ fi ṣe iṣẹ́ kan tí a lè fojú rí. Ó dáhùn kíkíyèsí ohun kéékèèké àti dídá ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bá ìkéde mu láìdà á kọ nìyẹn: ẹ kò tẹ̀ lé gbólóhùn wọn, ohun tí gbólóhùn náà ń wá lẹ tẹ̀ lé.

Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ó má kọjá nǹkan bí 150 sí 200 ọ̀rọ̀. Kí orúkọ nǹkan wà bí wọ́n ṣe pè é. Kí ìtàn yẹn wà láàárín. Kí ẹ má ṣe tẹ̀ lé ètò tí wọ́n fi to ìlà wọn, nítorí pé bí ìwé yín bá ń rìn ní ìlà kìíní, ìlà kejì, ìlà kẹta bíi tiwọn, àdàkọ ni yóò jọ, kódà bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ tiyín.

---

Atúmọ̀

Mo fara mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Akàwé sọ, àyàfi ti ètò yìí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, ẹni tó ń fún mi níṣẹ́ sì sábà máa ń ka ìwé mi pẹ̀lú ìkéde rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá tẹ̀ lé ètò rẹ̀, ó máa ń rọrùn fún un láti fi àmì sí ohun tó ń wá. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan bó ṣe wù mí, ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun kò rí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa èdè tí òun béèrè, bẹ́ẹ̀ ó wà ní ìpínrọ̀ kẹta.

Ohun kejì ni pé mi ò rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ìwà ló yẹ ká yẹra fún. Nínú iṣẹ́ tèmi, "àṣírí oníbàárà" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà, ṣùgbọ́n bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, wọn yóò rò pé mi ò kà á sí.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Lórí àṣírí oníbàárà, ẹ borí mi. Ọ̀rọ̀ ìwà tó bá ti di ohun tí wọ́n lè fi sínú ìwé àdéhùn kò yàtọ̀ sí orúkọ nǹkan mọ́, kí a pè é bí wọ́n ṣe pè é.

Lórí ètò, mi ò tí ì gbà pátápátá. Níbi tí ìkéde bá ti béèrè ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dá dúró gedegbe, tí wọ́n sì máa fi àmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètò yín lè dára jù. Nínú iṣẹ́ bíi ti olùbéèrè, níbi tí ohun kan ti wúwo ju ìyókù lọ, mo ṣì rò pé ohun tó wúwo náà ni kó ṣíwájú.

---

Olùbéèrè

Mo ti kọ ọ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó:

"Àkọlé: SR-14, Akọ̀wé Àkọsílẹ̀ Ọjà

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ń kọ̀wé láti wá ipò Akọ̀wé Àkọsílẹ̀ Ọjà. Láti ọdún méjì ni mo ti jẹ́ akọ̀wé àkọsílẹ̀ ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí tó ní nǹkan bí 340 oríṣi ọjà, èmi ni mo sì ń darí kíka ọjà lóṣooṣù.

Lóṣù kan, ìwé wa fi páálí ọṣẹ 12 ju ohun tó wà lórí pẹpẹ lọ. Kí a tó yí iye náà padà, mo tọrọ ọjọ́ kan láti wá ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé ìwé ọjà kan náà ti wọ àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí awakọ̀ mú un wá àti nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ dé nínú ímeèlì. Mo wá ṣètò Excel wa kí ó máa fi àwọ̀ pupa hàn wá nígbàkúùgbà tí nọ́ńbà ìwé ọjà kan bá wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò tún dé inú kíka ọjà wa láti ìgbà náà.

Mo jẹ́ ẹni tó ń kíyè sí ohun kéékèèké, mo sì mọ Excel lò dáadáa.

Ìwé ìrírí iṣẹ́ mi wà pẹ̀lú ímeèlì yìí. Ẹ ṣeun."

---

Ìyá Ìbejì

Mo ka èyí, mo rí ènìyàn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wá yé mi wàyí.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Ó ti dára gidigidi. Ohun mẹ́ta ló kù tí mo fẹ́ sọ, èkíní ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti "jẹ́ akọ̀wé àkọsílẹ̀ ọjà" láti ọdún méjì. Ṣé orúkọ tí ibi iṣẹ́ yín fún yín nìyẹn? Bí wọ́n bá ń pè yín ní olùtọ́jú sítóò nínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ yín, olùtọ́jú sítóò ni kí ẹ kọ. Wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ìdáhùn tó bá sì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ yóò sọ òótọ́ di irọ́. Orúkọ nǹkan tí mo ní kí ẹ gbà lẹ́nu wọn, ti iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ipò tí ẹ ti dì mú. Ẹ lè kọ ọ́ pé, "Láti ọdún méjì tí mo ti jẹ́ olùtọ́jú sítóò, èmi ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn wọlé, tí orúkọ tiyín kò sì yí padà.

Èkejì, ẹ yọ gbólóhùn "mo jẹ́ ẹni tó ń kíyè sí ohun kéékèèké" kúrò. Ìtàn yín ti fi hàn, gbólóhùn yìí sì tún dà bí ẹni pé ẹ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn ibi mìíràn tó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ ìkéde àti ímeèlì yín sórí ìwé, ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ibikíbi tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti tò tẹ̀ lé ara wọn bákan náà nínú méjèèjì. Tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan, bíi kíka ọjà lóṣooṣù, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwà tàbí ìlérí, ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ fi ohun tí ẹ ṣe rọ́pò rẹ̀. Nínú ìwé yín yìí, gbólóhùn yẹn nìkan ni mo rí.

Ẹ̀kẹta, ìkéde náà sọ̀rọ̀ nípa ọjà tó ń jáde, ìwé yín kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Gbólóhùn kékeré kan nípa iye ìgbà tí ọjà ń jáde lójúmọ́ ti tó.

---

Ọlọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà

Mo ti gbọ́ ti lẹ́tà funfun, mo yọwọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tí gbogbo yín ń fò. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n béèrè, ọdún méjì ló ní. Bí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù béèrè iye ọdún, tí ó sì kọ 2, ẹ̀rọ lè yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àròsọ.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Òótọ́ lẹ sọ. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn pàtó, bí iye ọdún tàbí ìwé ẹ̀rí, ni ẹ̀rọ lè fi yọ ènìyàn, kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà. Bí fọ́ọ̀mù bá wà, kí ó kọ 2, kò sí ọ̀nà mìíràn. Nínú ìkéde yìí, ímeèlì nìkan ni wọ́n béèrè, ẹni tó sì máa kà á lè rò pé ọdún méjì tó ní irú ìtàn yẹn sún mọ́ ọdún mẹ́ta. Mo ti pe ẹni tó ní ọdún méjì rí nígbà tí a béèrè mẹ́ta. Mo sì ti rí ọ̀gá tó kọ̀ jálẹ̀.

---

Atúmọ̀

Èmi á dárúkọ rẹ̀ kedere: "Ọdún méjì ni mo ní, kì í ṣe mẹ́ta, àmọ́ kíka ọjà 24 ni mo ti darí." Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ àléébù ara rẹ̀ ló máa ń pinnu bí a ṣe máa wò ó.

---

Akàwé Ìwáṣẹ́

Èmi kò ní fi "kì í ṣe mẹ́ta" sí i. Ọdún méjì ti wà nínú ìpínrọ̀ kìíní, kò sí ohun tó pamọ́, kò sì yẹ kí a fa ojú wọn sí àlàfo náà nínú ìwé tó kúrú tó báyìí. Ṣùgbọ́n kíka ọjà 24 yẹn dùn mọ́ mi. Ó ń sọ iye ìgbà tí iṣẹ́ náà ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì wúlò fún wọn ju iye ọdún lọ. Olùbéèrè, ṣé ẹ darí gbogbo rẹ̀?

---

Olùbéèrè

Rárá, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mo kàn ń bá wọn kà ni. Èmi ni mo darí 21. Olùtọ́jú sítóò sì ni wọ́n ń pè mí, mo ti tún un ṣe.

Mo mú bírò bí ẹ ṣe wí. Àwọn ìlà tó kù lábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ímeèlì mi, abẹ́ orúkọ nǹkan nìkan ni wọ́n wà. Ìpínrọ̀ kìíní ti di báyìí: "Láti ọdún méjì tí mo ti jẹ́ olùtọ́jú sítóò ní ilé ìkẹ́rùsí tó ní nǹkan bí 340 oríṣi ọjà, èmi ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, èyí tó ń wọlé àti èyí tí ọkọ̀ mẹ́rin ń kó jáde láràárọ̀. Mo ti darí kíka ọjà lóṣooṣù nígbà 21." Mo yọ gbólóhùn kíkíyèsí yẹn, mi ò sì fi "kì í ṣe mẹ́ta" sí i. Atúmọ̀, ẹ má bínú, bí wọ́n bá pè mí, màá fẹnu sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kà á lọ́wọ́ báyìí. Ó ti dé ibi páálí ọṣẹ, ó sì bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ fún òun rí.